Ipá, Agbára, àti Ẹnu Mi

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ mi tí mi ò lè fọkàn tán mọ́. Samaru, ní Zaria, ni mo ti kọ ọ́, nínú yàrá tí mo háyà lẹ́yìn ọgbà yunifásítì, ní ìparí ọjọ́ kan tí kò yàtọ̀ sí àwọn ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo kọ ni pé: «Mo sọ fún Àlájì pé agbára ló ń lọ.» Ìyẹn nìkan. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni iye tí mo ra òróró, àti pé ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo rántí yàtọ̀ sí èyí. Mo rántí pé gbólóhùn méjì ni mo sọ, pé mo kọ́kọ́ sọ pé ipá Bàbá ṣì wà digbí, kí n tó wá sọ pé agbára ló ń lọ. Àmọ́ ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi ló sì kọ ìwé. Bí mo bá gba ìwé gbọ́, èmi ni mo ta ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí mo bá gba iyè mi gbọ́, ẹlòmíràn ló tà wọ́n, èmi kàn bá a gbé ọjà náà wá ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà kẹta láàárín méjèèjì, mi ò tíì rí i.

Ìlọrin ni Bàbá, bí mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, ti wá sí Sabon Gari ní Zaria nígbà tí wọn ò tíì láya. Ìkòkò irin àti bútà ìṣàlùwàlá ni wọ́n ń tà, wọ́n sì di lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí àwọn Yorùbá àdúgbò náà kọ́ sí ẹ̀yìn ọjà. Mọ́ṣáláṣí náà kì í ṣe ti Jímọ̀. Ìrun márùn-ún ojoojúmọ́ ni a ń kí níbẹ̀, pẹ̀lú ìrun gígùn inú oṣù ààwẹ̀, èyí tí dídìde àti ìforíkanlẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ gan-an a máa kùn. Bàbá ti wà níwájú fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí mo dé Zaria láti wá kàwé kún ìwé, ilé wọn ni mo kọ́kọ́ wọ̀ sí, ẹ̀yìn wọn ni mo sì ti ń kírun ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kódà lẹ́yìn tí mo kó lọ sí Samaru.

Ẹ̀yìn wọn náà ni mo ti rí i. Lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀, Bàbá á pe Allahu Akbar gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é láti ìgbà tí ara wọn ṣì le, ohùn náà á sì dé òkè lójú kan náà. Ara wọn ni kì í tètè dé. Ẹni tó wà lẹ́yìn lèmọ́mù kò gbọdọ̀ ṣíwájú rẹ̀ dìde, gbogbo wa mọ èyí láti ilé kéú. Àmọ́ etí la fi ń tẹ̀ lé lèmọ́mù, pàápàá àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn. A ó ti nàró tán kí á tó rí ẹ̀yìn Bàbá nísàlẹ̀, orúnkún kan nílẹ̀, ọwọ́ kan lórí ẹní, tí wọ́n ń ti ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan á tún tẹ ara wálẹ̀ dé ìdajì. Àwọn kan á dúró bẹ́ẹ̀. Ìlà á wọ́, ìrun á sì dà bí aṣọ tí wọ́n gé láìwọ̀n.

Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ lójú Bàbá nígbà náà. Ohun tí mo gbọ́ ni kíkùn níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà.

«Ohùn wọn ti kírun tán, ara wọn ló kù.»

«Dákẹ́, ìwọ náà á dàgbà.»

«Mo mọ̀ pé n ó dàgbà. Mi ò sọ pé n ó dúró níwájú.»

Ohun tó ń ya àwọn tó ń kùn náà lẹ́nu, ó sì ń ya èmi náà lẹ́nu nígbà náà, ni pé Bàbá kan náà yìí ni yóò dé ṣọ́ọ̀bù tí yóò sì gbé àkójọ ìkòkò irin mẹ́fà tí wọ́n tì bọ ara wọn, tí kò ní mí hẹlẹ. Ọkùnrin tó ń gbé irin báyìí, kí ló ń dá a dúró lórí ẹní?

Ó bá ọ̀rọ̀ mi mu. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń ṣe fún oyè kejì, lábẹ́ ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa eré ìdárayá àti ìṣiṣẹ́ ara ènìyàn, dá lórí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún: kí ló kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, ǹjẹ́ a lè dá a dúró? A ti rí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan tí wọ́n gbà láti máa wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí Bàbá wá. Mi ò sọ fún wọn pé torí mọ́ṣáláṣí ni. Bóyá mo sọ ọ́. Ìwé mi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wá, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì Samaru tàwọn ti fìlà funfun lórí, bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ipá ẹsẹ̀ kò ju pátákó kan lọ tí ènìyàn ń dúró lé, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n àti irin ìdìmú kan, àti ojú aago tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ènìyàn á tẹ orúnkún díẹ̀, á di irin mú, á sì fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè. Bàbá wò ó.

«Ṣé kí n fà á tu ni?»

«Ẹ fà á débi tí ẹ bá lè fà á dé, Bàbá. Ẹ má kánjú.»

Wọ́n fà á. Abẹ́rẹ́ náà rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, ó kọjá ibi tí tèmi ti dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà.

«Haba!» Bàbá bú sẹ́rìn-ín. «Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ ní yunifásítì yìí? Lọ sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀wà tí mo ń jẹ ní Sabon Gari ṣì dára.»

Lẹ́yìn èyí ni a lọ síbi àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn simẹ́ńtì lásán ni, lẹ́yìn gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ẹni tí a ń wọ̀n á gùn ún bó bá ti lè yára tó, èmi á tẹ aago ní ìsàlẹ̀ àti lókè, a ó sì fi ìwọ̀n ara rẹ̀, gíga àtẹ̀gùn náà àti ìṣẹ́jú-àáyá ṣe ìṣirò. Bàbá gùn ún bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́.

«Ẹ yára díẹ̀ sí i, Bàbá.»

«Mò ń yára.»

Wọ́n ń yára lóòótọ́. Èyí ni mi ò gbàgbé. Ojú wọn le, èémí wọn ń ròkè, gbogbo ara wọn ń ṣe bí ẹni tó ń sáré, àtẹ̀gùn nìkan ni kò gbọ́.

A jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn náà. Mo ti kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kan lédè Yorùbá fún àwọn àgbà tó jẹ́ Yorùbá láàárín wọn, mo sì ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀. Nínú ìwé tí à ń kà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí ẹrù tí iṣan lè gbé ṣe wúwo tó, àti bí iṣan ṣe tètè gbé e tó. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní ipá. Mo pe ti kejì ní agbára. Ọ̀gá mi, tí kì í ṣe Yorùbá, sọ pé ó dára. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé mo ti ṣe ohun kan fún èdè mi.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé inú iṣan wa, okùn tín-ín-rín oríṣi méjì ló wà. Oríṣi kan dà bí èédú: kì í tètè ràn, ṣùgbọ́n bó bá ràn, ó ń jó pẹ́. Èkejì dà bí pòròpórò ọkà bàbà: ìṣáná kan, ó ti gbiná. Èyí tó dà bí pòròpórò yìí ni ọjọ́ orí kọ́kọ́ ń bá jà. Ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ, àwọn iṣan ara tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá bá a sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn okùn tí àṣẹ wọn ti kú, òmíràn ń kú tẹ̀ lé e, òmíràn ń bọ́ sábẹ́ àṣẹ èyí tí kì í yára, òun náà á sì kọ́ láti má yára. Nítorí náà ẹni tó dàgbà lè máà tíì pàdánù púpọ̀ nínú ẹrù tó lè gbé, bí a bá fún un láyè láti rọra gbé e. Níbi tí a bá ti ní kí ó yára, àyè yẹn gan-an ni kì í sí. Àti pé agbára, ipá ni a fi ìyára sọ di púpọ̀: bí díẹ̀ bá lọ nínú ipá, tí díẹ̀ sì lọ nínú ìyára, ohun tó lọ nínú agbára ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.

«Ipá àti agbára,» ni Bàbá wí. «Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?»

«Nínú ìwé yìí, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, sà.»

«Nínú ìwé yìí.» Wọ́n yí ìwé náà sókè sódò bí ẹni ń wá ibi tí ó ti ya. «Ẹni tó bá sọ fún mi pé n kò lágbára mọ́, ìjà ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ fi pe ẹsẹ̀ nìkan, odidi ènìyàn ni òun.»

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí àwàdà. Ìkìlọ̀ ni.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ́kọ́ fún wọn kò tọ̀nà tó, ó sì yẹ kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa gbé àpò iyanrìn wúwo sí èjìká, kí wọ́n máa jókòó kí wọ́n sì máa dìde pẹ̀lú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí pé mò ń bẹ̀rù orúnkún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ipá náà tún ròkè sí i. Bàbá ń yangàn kiri ọjà. Àmọ́ lórí àtẹ̀gùn, aago mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ní mọ́ṣáláṣí sì rèé, ohùn ṣì ń dìde ṣáájú ara. Ohun tí a bá kọ́ iṣan ni iṣan ń mọ̀. Mo ti kọ́ ọ láti gbé ẹrù wúwo pẹ̀lẹ́, ó sì ti gbọ́.

Ọ̀gá mi ló ní ká yí i padà. A dín iyanrìn inú àpò kù dáadáa. A fi ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì ti ògiri kí ó má baà yẹ̀. Bàbá á jókòó pẹ̀lẹ́, wọ́n á ka méjì, wọ́n á sì dìde fùú, bí ẹni tí wọ́n pè lójijì. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré, wọ́n á wá sinmi títí èémí á fi balẹ̀, torí pé iṣan tó ti rẹ̀ kò lè yára, bí kò bá sì yára, iṣẹ́ náà ti di òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gun orí bílọ́ọ̀kù kékeré kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gùn ún kíákíá, wọ́n á sì sọ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó wúwo pẹ̀lẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ìkejì.

«Bí mo bá dìde báyìí láàárín àwọn ènìyàn, wọ́n á rò pé àkekèé ta mí,» ni Bàbá wí.

«Bí àkekèé bá ta yín, ṣé ẹ ó dìde jù báyìí lọ?»

«To, jẹ́ ká wò ó.» Wọ́n dìde. Wọ́n yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí àwọn àgbà yòókù fi yíjú wò wá.

Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọjọ́ orí máa padà sẹ́yìn. Mo sọ ọ́ fún wọn gbangba pé ohun tí à ń ṣe ni pé kí ìsọ̀kalẹ̀ má yá jù, kí á máa sọ̀ ọ́ bí ẹni ń sọ òkè, kì í ṣe bí ẹni já sí kòtò. Wọ́n ní ìyẹn tó. Oṣù ààwẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ dúró níwájú nínú rẹ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ẹ̀yìn wọn.

Àárín ìgbà yìí ni Àlájì ránṣẹ́ pè mí. Aṣọ ni Àlájì ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, òun ló sì ń ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó mọ́ṣáláṣí náà. Ó yẹ kí n máa fi «wọ́n» bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé yìí bí mo ti ń ṣe fún Bàbá. Mo gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ mi kò gbà.

Ó fún mi ní àga. Ó fún mi ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù dáadáa. Ó pè mí ní Dókítà, nígbà tí mi ò tíì gba oyè kejì gan-an.

«Dókítà, mo gbọ́ pé ẹ ń tọ́jú Bàbá wa.»

«Kì í ṣe ìtọ́jú bí ti ọsibítù, sà. Ìdárayá ni.»

«Madalla, ó dáa. Ìfẹ́ Bàbá ni mo fi ń bèèrè o. Kí ni ó ń ṣe wọ́n gan-an? Kí n lè mọ bí n ó ṣe máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n yé kùn.»

Èyí ni ibi tí ìwé àti iyè ti yà. Mo rántí pé mo ṣàlàyé. Mo rántí pé mo lo èédú àti pòròpórò. Mo rántí orí rẹ̀ tó ń mì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Mo rántí ìgò tútù tó ń làágùn ní ọwọ́ mi, àti bí ọ̀rọ̀ náà, Dókítà, ṣe dùn létí mi. Ìwé sọ pé mo sọ fún Àlájì pé agbára ló ń lọ. Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀. Mo tún mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ ni ó kà sí kókó.

Ìgbìmọ̀ náà pe ìpàdé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ní ọjọ́ kan tó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo kírun yẹn lẹ́yìn Bàbá, ní ìlà kejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo ń bẹ̀rù láti sọ jù, torí pé ó bá ohun tí mo fẹ́ mu jù: lọ́jọ́ náà, Bàbá dìde pẹ̀lú ohùn wọn. Ìforíkanlẹ̀ kejì, Allahu Akbar, wọ́n sì ti wà lókè. Wọn ò fọwọ́ ti ilẹ̀. Mo rí i nínú ráká méjì, ó kéré tán. Ìlà wa tọ́ bí okùn. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ohun tó bá lọ déédéé nínú ìrun, kò sí ẹni tí í kíyè sí i.

Wọ́n sálámà tán, Àlájì sì dìde.

«Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ ohun tí kò dára nípa Bàbá. Bàbá wa ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe láti ẹnu mi. Ọmọ wọn gan-an, ọmọ yunifásítì, tó fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ló sọ fún mi lójúkojú pé agbára wọn ti lọ.»

Kò sọ pé ó ń lọ. Ó sọ pé ó ti lọ. Kò tún sọ pé ẹsẹ̀ ni. Nínú mọ́ṣáláṣí náà, láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ń pe Bàbá wá sọ ọmọ wọn lórúkọ láti ogún ọdún, ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ bí omi lórí simẹ́ńtì. Mo rí i bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń mú ìtumọ̀ tó wù ú. Agbára ara. Agbára ọkùnrin. Agbára àdúrà. Àṣẹ. Gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ń gbé lójoojúmọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Bàbá ní ìṣẹ́jú kan.

Mo dìde. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé mi àti iyè mi fi ẹnu kò lórí èyí.

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ipá wọn ṣì wà. Ipá wọn ju tèmi lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé...»

«Ipá?» Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. «Ṣé ipá ni lèmọ́mù fẹ́ fi darí wa ni?»

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín àwọn ènìyàn tó ti rẹ̀ ni, tí wọ́n rí ibi fi àárẹ̀ náà sí. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀, mò ń sọ nípa ìyára, nípa bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n rántí bí ìrun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán ṣe lọ. Ẹnì kan fà mí láṣọ pé kí n jókòó, kí n má dá kún un. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà wọn dúró sí ọwọ́ wọn lójú kan.

Wọ́n pinnu pé kí Bàbá sinmi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nìyẹn, sinmi. Àbúrò ìyàwó Àlájì ni yóò máa dúró níwájú, láti oṣù ààwẹ̀ lọ. Ẹní tuntun ti wà nílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo rí ẹní náà ni mo mọ̀ pé gbólóhùn mi nìkan ni wọ́n ti ń dúró dè.

A rìn padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ti dúró.

«Agbára wo?»

«Bàbá, ti àtẹ̀gùn ni. Bó ṣe wà nínú ìwé, tí mo ṣàlàyé fún yín...»

«Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́ léèrè. O ṣàlàyé fún mi. O jókòó tì mí lábẹ́ igi. Ṣé o jókòó ti Àlájì náà lábẹ́ igi?»

«Mo ṣàlàyé fún un, sà.»

«Ó dá ọ lójú?»

 Bóyá ìgbà yẹn ni iyèméjì yìí bẹ̀rẹ̀. 

«Ènìyàn yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ han ẹni tirẹ̀,» ni wọ́n wí, «ẹni tirẹ̀ yóò sì fi orúkọ tí kò jẹ́ pè é fún ọ̀tá.» Wọ́n wọlé. Ìyàwó wọn gbé oúnjẹ tèmi wá síta fún mi bí àlejò.

Bàbá kò wá sí Samaru mọ́. Wọ́n ń kírun nílé, tàbí kí wọ́n lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn Hausa lọ́nà ibùdókọ̀, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n ní lèmọ́mù. Gbogbo ààwẹ̀ náà, mi ò rí wọn. Mo kírun gígùn lẹ́yìn ẹni tuntun náà. Ó ń kírun dáadáa, mi ò lè fi ohunkóhun kàn án. Òjò wá, òjò lọ. Mo parí ìwé ìwádìí mi, mo sì mú ọ̀rọ̀ Yorùbá méjèèjì kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi bèèrè ìdí. Mo ní wọn ò ṣiṣẹ́.

Sátidé kan nígbà tí ọyẹ́ tún ń padà bọ̀, mò ń to bílọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí ọ̀gá mi ní kí n dúró máa bójú tó, ni mo gbójú sókè tí mo rí fìlà funfun kan. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

«Dìde. Mi ò wá torí tìẹ.» Wọ́n wo bẹ́ǹṣì. «Mi ò sì wá torí mọ́ṣáláṣí. Mo fẹ́ fo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gọ́tà tí mo ti ń fò láti ogún ọdún. Mo ṣubú sínú rẹ̀.»

«Ẹ kú ewu, Bàbá. Ṣé ẹ ò fara pa?»

«Ọkàn ni mo fi pa.» Wọ́n bọ́ bàtà. «Ṣé ó ti lọ tán?»

Mo bá wọn gun àtẹ̀gùn. Ohun tí a ti jèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, bí ó ti máa ń lọ bí a bá dáwọ́ dúró. Lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ipá, abẹ́rẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ṣì lè gbé ẹrù rẹ̀, ó ti gbàgbé bí a ti ń gbé e kíákíá ni. Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ èyí fún wọn. Mi ò rí i, mo sì tọ́ka sí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́. Wọ́n ka méjì. Wọ́n dìde.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá títí mo fi kúrò ní Zaria, ohun tó tó ọdún mẹ́ta. Lọ́dún kìíní, ìyára wọn padà síbi tó wà kí ìpàdé náà tó wáyé. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti yẹ kó sọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kì í wá, tí a ń wọ̀n lọ́dọọdún, ti ṣíwájú wọn lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n padà sí mọ́ṣáláṣí tiwa. Ìlà kejì ni wọ́n ń dúró sí, èmi lápá òsì wọn. Bí lèmọ́mù tuntun bá pe Allahu Akbar, mo máa ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń dúró díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ṣetán tí wọ́n sì dì í mú, kí wọ́n má baà ṣíwájú lèmọ́mù dìde.

Wọn kò dárí jì mí, tàbí kí n sọ pé wọn kò sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá mi jẹun. Ní Sátidé tí mo fẹ́ kúrò, mo tẹ aago fún wọn nígbà ìkẹyìn. Wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, èémí wọn ń já, wọ́n wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

«Ó dára?»

«Ó dára, sà.»

«Kọ ọ́ sílẹ̀.» Wọ́n di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, wọ́n rọra ń sọ̀ bí mo ti kọ́ wọn. «Ṣùgbọ́n má túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.»